Àlàfo inú gbólóhùn “if”: kí ni ojú yín ń wò kí ọwọ́ yín tó kọ ọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, gbólóhùn kání ló sì fẹ́ dá mi dúró. Kì í ṣe pé n kò mọ ìlànà o. Bí ẹ bá ní kí n ka ti kìíní, ti kejì àti ti kẹta fún yín, màá kà á bí ẹni ń kéwì. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé gbólóhùn tó ní àlàfo síwájú mi, gbogbo ohun tí mo kà á fò lọ. Márùn-ún tí mo ṣe lónìí nìyí, pẹ̀lú ohun tí mo fi dí àlàfo kọ̀ọ̀kan:

```
1. If you leave the door open, the cat ____ (get) out.
   -> will get
2. If I ____ (be) taller, I could reach that shelf.
   -> am
3. She ____ (not/fall) if she had held the rail.
   -> did not fall
4. If I ____ (know) your number, I would have called you.
   -> knew
5. If he ____ (train) as a nurse, he would be working here now.
   -> trained
```

Ẹyọ kan péré ni mo gbà, èyí àkọ́kọ́. Wọ́n ti fi ìdáhùn tó kù hàn mí: “were”, “would not have fallen”, “had known”, “had trained”. Nítorí náà kì í ṣe ìdáhùn ni mò ń wá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ máa ń wò nínú gbólóhùn kí ẹ tó kọ nǹkan kan. Nọ́ńbà 4 ló dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ tó ti kọjá ni, “knew” sì jẹ́ ti ohun tó ti kọjá. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kí n ṣe?

Kíá_ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ wo apá kejì tí wọ́n ti kọ tán, òun ló máa sọ ohun tó yẹ kó wọ àlàfo. Bí ẹ bá rí “will” níbẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe ti òní sí apá “if”. Bí ẹ bá rí “would” lásán, ẹ fi ti àná sí i. Bí ẹ bá rí “would have”, ẹ fi “had” pẹ̀lú ìrísí kẹta, irú bí “gone”, “seen”, “known”. Bó bá jẹ́ apá “if” ni wọ́n kọ tán, ẹ yí i padà sẹ́yìn bákan náà. Ó tán! Ẹ má tiẹ̀ wo ìtumọ̀ gbólóhùn náà rárá, ìtumọ̀ ló ń da èèyàn rú. Ohun kan tó kù ni pé “would” kì í wọ apá “if” láéláé.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn, n kì í pẹ́ lórí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo gbé e lé márààrún. Ó gbà fún 1. Ní 2, “could” ló wà níbẹ̀, kì í ṣe “would”, àmọ́ mo gbà pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó gbà fún 3 àti 4. Ṣùgbọ́n ní 5, “would be working” ni wọ́n kọ sí apá kejì, kò sí “have” kankan níbẹ̀. Bí mo bá tẹ̀lé ọ̀nà yín, “trained” ni màá kọ, bí mo sì ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ní mo kùnà.

Kíá_ni

A jẹ́ pé ìdáhùn tiwọn ni kò tọ̀nà. Irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ìdáhùn wọn tọ̀nà o. Kíá_ni, ọmọ mi, ọ̀nà tí o là sílẹ̀ yẹn yóò gba máàkì fún èèyàn nínú ọ̀pọ̀ àlàfo, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ibi tí o ti ní kí wọ́n má wo ìtumọ̀ ni o ti ṣìnà, torí ìtumọ̀ nìkan ló lè mú wọn la nọ́ńbà 5 já.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe nìyí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan àlàfo, wọ́n á kọ́kọ́ kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, láìfi “if” sí i. Gbólóhùn kání kejì àti ìkẹta jọ ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá sọ pé “ká ní mo ga jù báyìí lọ” ti jẹ́ ká mọ̀ pé òun kò ga tó. Òótọ́ tó fara pamọ́ yẹn ni kí ẹ fà jáde. Lẹ́yìn náà, nǹkan méjì péré ló kù: ẹ yí “bẹ́ẹ̀ ni” rẹ̀ sí “bẹ́ẹ̀ kọ́” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” rẹ̀ sí “bẹ́ẹ̀ ni”, kí ẹ sì gbé ọ̀rọ̀-ìṣe náà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà 2 dán an wò. Òótọ́ ibẹ̀ ni “I am not tall enough”. Òní ni, “bẹ́ẹ̀ kọ́” sì ni. Ẹ mú “not” kúrò, kí ẹ gbé “am” sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, “were” ló máa jáde. “Were” yẹn kò sọ̀rọ̀ àná rárá. Ó kàn ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé a ti kúrò lórí òótọ́.

Wàyí o, nọ́ńbà 4 tó dùn yín. Òótọ́ ibẹ̀ ni “I did not know your number, so I did not call you”. Àwọn méjèèjì ti kọjá. Ẹ mú “not” kúrò, ẹ gbé e sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tó ti wà ní àná tẹ́lẹ̀, ibo ló tún kù tó lè padà sẹ́yìn sí? “Had known” nìkan ni. Ìdí tí “knew” kò fi tó nìyẹn. Nínú gbólóhùn ojoojúmọ́, “knew” jẹ́ ti àná. Nínú apá “if” tí kì í ṣe òótọ́, iṣẹ́ òní ni wọ́n ti gbé lé e lọ́wọ́, àná wá ní láti wá nǹkan mìíràn wọ̀.

Nọ́ńbà 3: “She fell. She did not hold the rail.” Àlàfo wà ní apá èsì. “Fell” jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni”, ó máa di “not”. Ó jẹ́ àná, ó máa padà sẹ́yìn. Apá èsì kì í sì í rìn láìsí “would” tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀, “could” àti “might”. Nítorí náà: “would not have fallen”. Ẹ̀yin kọ “did not fall”. Ẹ rí i pé ẹ ti yí “bẹ́ẹ̀ ni” padà, ẹ kò kàn gbé e sẹ́yìn. Ààbọ̀ iṣẹ́ ni ẹ ṣe.

Nọ́ńbà 5 wá ni ọ̀gá wọn, torí òótọ́ méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, àsìkò wọn kò sì dọ́gba. “He did not train as a nurse”: ìyẹn ti pẹ́. “He is not working here”: ìyẹn jẹ́ ti ìsinsìnyí, “now” tó wà ní ìparí gbólóhùn ló jẹ́rìí sí i. Apá kọ̀ọ̀kan máa padà sẹ́yìn láti ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí. “Did not train” á di “had trained”, “is not working” á di “would be working”. Ìkẹta ni orí rẹ̀, ìkejì ni ìrù rẹ̀. Ọ̀nà Kíá_ni kò lè rí i, torí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé inú àsìkò kan náà ni apá méjèèjì ń gbé.

Nọ́ńbà 1 nìkan ló kù, ẹ sì ti gbà á. Ẹ wá òótọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí. Kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn yóò wà ní ṣíṣí. Bí ẹ bá wá òótọ́ tí ẹ kò rí i, kò sí ohun tí ẹ máa gbé sẹ́yìn: ti òní ní apá “if”, “will” ní apá èsì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìrọ̀lẹ́

Mà, mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ pé “knew” ti gba iṣẹ́ òní, tí àná wá ń wá nǹkan mìíràn wọ̀, òun ló là mí lójú. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ rí.

Kíá_ni

Mo túúbá fún 5, mà. Ṣùgbọ́n kò dáa bí wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ “kìíní, kejì, kẹta” sókè ìdánrawò, kò yẹ kí àdàlú wà láàárín wọn.

Ọmọ_Ògbufọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi máa ń fi Yorùbá sọ gbólóhùn náà sẹ́nu kí n tó dí àlàfo. Ó ní ibi tó ràn mí lọ́wọ́ dé, ó sì ní ibi tó ti já mi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ méjèèjì.

Bí ó bá jẹ́ pé “bí” àti “bá” ló wá sẹ́nu mi, tí “yóò” tàbí “á” tẹ̀lé e, mo mọ̀ pé ti kìíní ni. “Bí o bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ológbò á jáde.” Kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnu mi bá ń wá “ká ní” àti “ì bá”, kò lè jẹ́ ti kìíní mọ́. “Ká ní mo ga jù báyìí lọ ni, ọwọ́ mi ì bá tó pẹpẹ yẹn.” Ibi tí Yorùbá bá ti ní kí n lo “ì bá”, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí n lo “would”. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kùnà.

Ibi tó ti já mi sílẹ̀ ni àárín ìkejì àti ìkẹta. Ẹ gbọ́ èyí: “Bí mo bá mọ̀ ni, n kì bá wá.” Ẹni tó sọ ọ́ ti wá ná, ó ti kábàámọ̀. Ìkẹta pọ́ńbélé ni lédè Gẹ̀ẹ́sì: “If I had known, I would not have come”. Ẹ tún gbọ́ èyí: “Bí mo bá mọ ọ̀nà ni, ǹ bá mú ọ lọ.” Báyìí ni ẹni yẹn ń sọ o, kò mọ ọ̀nà títí di ìsinsìnyí. Ìkejì ni ìyẹn: “If I knew the way, I would take you”. “Mọ̀” kan náà, “ì bá” kan náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pààrọ̀ aṣọ. A lè fi “ti” sí i, ká ní “ǹ bá ti mú ọ lọ”, ìgbà náà ni yóò ṣe kedere pé ó ti kọjá. Àmọ́ kò pọn dandan, a sì máa ń fò ó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kọ “If I knew” sí ibi gbogbo, tí a kò sì mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi fagi lé e. Níbẹ̀, ọgbọ́n Mà ló kàn: ẹ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣì lè rí bẹ́ẹ̀ lónìí, tàbí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti tì.

Ewu kan tún wà ní ti kìíní. A máa ń sọ pé “tí ó bá máa dé lọ́la, sọ fún mi”. “Máa” yẹn ló ń ti èèyàn débi tí á fi kọ “If he will arrive tomorrow”. Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ ẹ níbẹ̀. “If he arrives tomorrow” ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀la ni gbogbo wa ń sọ.

Ìyá_Àkọ́bí

Ẹ dákun, ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Iṣẹ́ àmúrelé ọmọ mi rèé:

```
I don't know if he ____ (come) tomorrow.
```

Mo ní kí ó kọ “comes”, torí “if” wà níbẹ̀, ọ̀la sì ni. Olùkọ́ rẹ̀ fagi lé e, ó kọ “will come”. Ọmọ wá ń wò mí bí ẹni pé mo parọ́ fún òun. Ta ló ṣì nínú èmi àti olùkọ́?

Ọmọ_Ògbufọ̀

Mà, olùkọ́ ló jàre, ṣùgbọ́n ẹ̀bi yín kò pọ̀. “If” yẹn kì í ṣe ti gbólóhùn kání. Ẹ fi Yorùbá sọ ọ́: “N kò mọ̀ bóyá ó máa wá lọ́la.” “Bóyá” ló jáde, kì í ṣe “bí … bá”. Kò sí apá èsì níbẹ̀, kò sì sí ohun tó rọ̀ mọ́ wíwá rẹ̀. Bí ẹ bá lè fi “whether” rọ́pò “if” kí gbólóhùn má bàjẹ́, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí a ń sọ níbí, kí ẹ lo àsìkò bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an. Ọ̀la ni, “will come” ni.

Ìyá_Àkọ́bí

Háà. Bóyá, bí bá. Ẹ ṣeun. Màá lọ bẹ ọmọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìrọ̀lẹ́

Mo padà dé. Mo ti kọ òótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé gẹ́gẹ́ bí Mà ṣe wí. Mẹ́ta tí mo kùnà nínú tuntun nìyí:

```
6. If we ____ (not/miss) the train, we would have seen the start.
   -> had missed
7. If she ____ (have) more time that week, she would have finished it.
   -> had
8. If he put the key back every night, we ____ (not/lose) it so often.
   -> will not lose
```

Ní 6, mo rí “not” nínú àkámọ́, mo sì yí i padà bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ní 7, “had had” ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo rò pé àṣìtẹ̀ ni, mo pa ọ̀kan rẹ́. 8 kò yé mi rárá, torí “put” jẹ́ ti òní.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ẹ kú akitiyan. Mo ti rí i pé èmi ni mo kó yín sí 6, n kò ṣàlàyé tó. Òótọ́ kì í gbé inú àkámọ́. Ohun tó wà nínú àkámọ́ ti jẹ́ ti ayé “if”, ẹni tó ṣe ìdánrawò ti bá yín yí i padà. Inú ìtàn ni kí ẹ ti wá òótọ́. Àwọn ènìyàn yìí kò rí ìbẹ̀rẹ̀, “would have seen” ló jẹ́ ká mọ̀. Kí nìdí? Ọkọ̀ ojú irin ti fi wọ́n sílẹ̀: “We missed the train”. Bí a bá yí ìyẹn padà tí a sì gbé e sẹ́yìn, “had not missed” ló máa jáde, ó sì bá “not” inú àkámọ́ mu. Bí tiyín kò bá bá àkámọ́ mu, ẹ ti yí i padà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ẹ lè máa fi ìyẹn yẹ ara yín wò.

7: “had had” kì í ṣe àṣìtẹ̀. “Had” àkọ́kọ́ ni èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀-ìṣe sẹ́yìn, ó máa ń wà níbẹ̀ láìka ohun tó tẹ̀lé e sí. “Had” kejì ni ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, ìrísí kẹta ti “have”. Ká ní “find” ni wọ́n kọ sínú àkámọ́ ni, ẹ̀ bá kọ “had found” láìṣiyèméjì. Bí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́nu, àkọ́kọ́ á fúyẹ́, ìkejì á wúwo, tàbí kí ẹ kọ “she'd had” kí ojú yín lè sinmi.

8 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ti mú wá. “Put” wà lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ìrísí wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yàtọ̀: “put, put, put”. Bẹ́ẹ̀ náà ni “cut”, “hit”, “let”. Báwo la ṣe máa mọ̀ wá pé kì í ṣe ti òní? Ẹ wo ẹni tó ń ṣe é: “he”. Ká ní ti òní ni, “puts” ni ì bá jẹ́. Wọn kò kọ “s”, àná ni nígbà náà. Òótọ́ ibẹ̀ ni “He doesn't put it back, so we lose it”. Ìkejì ni, “would not lose”.

Kíá_ni

Mà, kí ni ká ṣe bí ó bá jẹ́ “they” ni wọ́n kọ?

```
If they put the key back every night, we ____ (not/lose) it so often.
```

“They” kì í gba “s”.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

O ti mú mi. Ó lè jẹ́ “won't lose”, ó lè jẹ́ “wouldn't lose”, ohun tó yí gbólóhùn náà ká nìkan ló lè sọ. Bí kò bá sí nǹkan kan tó yí i ká, àṣìṣe ẹni tó ṣe ìdánrawò ni. “Read” burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí lẹ́nu a mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, lójú ìwé a kò mọ̀ ọ́n.

Atẹ̀wé_Kíákíá

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ẹ̀yìn. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni èmi ń tẹ̀ jáde lójoojúmọ́, “'d” ló sì ń yọ mí lẹ́nu. “If I'd known, I'd have come”: “'d” méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e ni mo máa ń wò. Bó bá jẹ́ ìrísí kẹta, “had” ni. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lásán tàbí “have”, “would” ni. “I'd put” nìkan ni mo máa ń dúró gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ohun tí Mà sọ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ “would of”. “Would've” ni etí gbọ́, “have” ló wà nínú rẹ̀. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju èmi lọ.

Ọmọ_Ògbufọ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí nọ́ńbà 4 o, torí n kò gbà pátápátá pé “knew” kò tọ̀nà níbẹ̀. Ká sọ pé títí di ìsinsìnyí tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, n kò tíì mọ nọ́ńbà rẹ. Òótọ́ mi ni “I don't know your number, so I didn't call you”. Òní ní apá kan, àná ní apá kejì. Bí mo bá gbé kálukú sẹ́yìn láti ibi tó dúró sí gẹ́gẹ́ bí Mà ti kọ́ wa ní 5, “If I knew your number, I would have called you” ló máa jáde. Nọ́ńbà 5 tí a dorí rẹ̀ kodò ni.

Kíá_ni

Ẹ ò rí i! Ẹ̀gbọ́n gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ọmọ_Ògbufọ̀, bí ọmọ kan bá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí ní kíláàsì, màá fún un ní máàkì. “Know” jẹ́ ohun tó máa ń wà lára èèyàn fún ìgbà pípẹ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ lánàá kó má tíì parí lónìí. “Hold” inú nọ́ńbà 3 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ ó ti tán. Ṣùgbọ́n n kò rò pé ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tó kọ “knew”. Ó ní ọ̀rọ̀ àná ni, ìyẹn ló fi kọ ọ́. Lábẹ́ “would have” nínú ìdánrawò, láìsí àmì kankan pé ọ̀rọ̀ ti òní ni, “had known” ni wọ́n ń retí.

Ọmọ_Ògbufọ̀

Ohun tí wọ́n ń retí yàtọ̀ sí ohun tó tọ̀nà, mà.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ó yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ gba máàkì ló béèrè ọ̀rọ̀, èmi sì ń dá a lóhùn.

Kíá_ni, n kò tíì gbàgbé “láéláé” rẹ. “If you would wait a moment, I'll call her”: ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni, “would” ibẹ̀ túmọ̀ sí pé bó bá wù yín. Ó tọ̀nà. Ó yàtọ̀ sí “If I would have known” tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà. Ìyẹn wọ́pọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n á fagi lé e nínú ìdánwò.

Kíá_ni

Ó dáa, mà. “If I was taller” náà ńkọ́? Wọ́n kọ́ mi pé “was” kò sí níbẹ̀ rárá.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ó wà lẹ́nu àwọn tó bí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùṣàlàyé gírámà òde òní sì gbà á nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Bó bá jẹ́ àlàfo ni, kọ “were”, kò sẹ́ni tó máa fagi lé e. Ní “If I were you”, má tiẹ̀ dán “was” wò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìrọ̀lẹ́

Mo ṣe mẹ́wàá mìíràn, mo gba mẹ́sàn-án. Ẹ wo èyí tó bọ́. Àlàfo méjì ló ní, kò sí apá kankan tí wọ́n kọ tán tí mo lè wò:

```
If it ____ (rain) tomorrow, we ____ (cancel) the match.
```

Mo wá òótọ́, n kò rí i. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ “rains” àti “will cancel”. Mo tún rò ó pé bóyá ẹni tó ń sọ ọ́ mọ̀ pé òjò kò lè rọ̀, mo wá kọ “rained” àti “would cancel”. Wọ́n ní mo kùnà.

Kíá_ni

Ẹ̀gbọ́n, ìtumọ̀ ló dà yín rú yẹn. Mo ti sọ ọ́.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Méjèèjì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó gún. Ẹni tó kọ “rained” ń sọ pé òun kò rò pé òjò á rọ̀, ẹni tó kọ “rains” fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àpólà náà kò fún yín ní ìdí kankan láti ṣiyèméjì, ọ̀la sì máa ń fàyè gba òjò. Ibi tí kò bá ti sí àmì pé ọ̀rọ̀ náà kò lè rí bẹ́ẹ̀, ti kìíní ni kí ẹ mú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ ọ̀kan nínú méjèèjì sílẹ̀, èkejì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ mú “rained” kí ẹ wá kọ “will cancel”.

Ọmọ_Ògbufọ̀

Ẹ tún fi ẹnu wò ó. “Bí òjò bá rọ̀ lọ́la, a ó fagi lé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà.” Ṣé “ká ní” tiẹ̀ wá sẹ́nu yín?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìrọ̀lẹ́

Kò wá. Èmi ni mo lọ fà á wá.

Ìyá_Àkọ́bí

Ẹ má bínú pé mo tún dé. Ọmọ mú òmíràn bọ̀, àlàfo ló sì ṣáájú, “if” kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá:

```
____ he asked, I would have helped him.
```

Òun ní “If” ni. Ó ti fi kálàmù kọ ọ́, kò ṣeé parẹ́.

Atẹ̀wé_Kíákíá

“Had” ni, mà. “Had he asked” àti “If he had asked”, ọ̀kan náà ni: “had” ló fò síwájú, “if” wá lọ. Bó bá jẹ́ “If” ni wọ́n fẹ́, “If he had asked” ni wọn ì bá kọ, “would have” tó wà níwájú fẹ́ “had” dandan. Ẹ bá a kọ “Had” sókè ohun tó ti fi kálàmù kọ yẹn.